Àkọsílẹ̀ iṣẹ́: bí mo ṣe wá ohun tó yí padà nínú ìwé àdéhùn ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú

Ọjọ́bọ̀, aago méje ààbọ̀ alẹ́

Ẹ̀gbọ́n pè mí láti ilé ìtẹ̀wé wọn ní Ṣómólú. Ẹ̀rọ ń pariwo lẹ́yìn wọn, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Iléeṣẹ́ kan tó ń ta ìwé nóòtù fún àwọn iléèwé aládàáni ti gbé iṣẹ́ nóòtù 12,000 fún wọn. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni iléeṣẹ́ náà fi ìwé àdéhùn ránṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n kà á láti òkè délẹ̀, wọ́n sì fara mọ́ ọn. Ní ọ̀sán òní, òmíràn tún wọlé sínú ímeèlì wọn. Wọ́n ní àdírẹ́sì àti àṣìṣe lẹ́tà díẹ̀ làwọn tún ṣe, kí Ẹ̀gbọ́n fọwọ́ sí i kó tó di ọjọ́ Ajé.

“Àbúrò, ojú ìwé mọ́kànlá ni ti àkọ́kọ́, mọ́kànlá náà lèyí. Mo ti tẹ́ méjèèjì sílẹ̀ lórí tábìlì, mo kà wọ́n pọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Àdírẹ́sì yẹn ni mo rí. Àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀.”

Mo ní kí wọ́n má tíì fọwọ́ sí nǹkan kan. Mo ní kí wọ́n dárí ímeèlì méjèèjì gan-an sí mi, kí wọ́n má ya fọ́tò rẹ̀ gba orí Wásáàpù, kí wọ́n má sì ṣí i nínú ètò mìíràn kí wọ́n wá tún un fi pamọ́. Ètò tí èèyàn bá fi tún PDF fi pamọ́ lè kọ gbogbo inú rẹ̀ lákọ̀tun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ò rí ìyàtọ̀ kankan. Ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ ni mo fẹ́ yẹ̀ wò, mi ò fẹ́ yẹ ẹ̀dà rẹ̀ wò.

Nígbà tí wọ́n dé ọwọ́ mi, mo sọ wọ́n ní `akoko.pdf` àti `ekeji.pdf`, mo sì fi èdìdì dì wọ́n kí n tó ṣe ohunkóhun:

```
sha256sum akoko.pdf ekeji.pdf > edidi.txt
chmod a-w akoko.pdf ekeji.pdf
pdfinfo akoko.pdf
pdfinfo ekeji.pdf
```

Àṣẹ àkọ́kọ́ yẹn ń fún fáìlì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà gígùn kan tó dà bí ìlà ọwọ́. Bí bíńtín bá yí nínú fáìlì náà, nọ́ńbà yẹn á yí pátápátá. Tí ọ̀rọ̀ bá wá di àríyànjiyàn lọ́la, mo lè fi hàn pé fáìlì tí mo yẹ̀ wò náà ni èyí tó wà nínú ímeèlì wọn.

`pdfinfo` fi hàn pé ojú ìwé 11 ni méjèèjì, bí Ẹ̀gbọ́n ṣe wí. Àmọ́ ìlà `Producer` yàtọ̀ síra. Inú Wọ́ọ̀dù ni ti àkọ́kọ́ ti jáde tààrà, ètò mìíràn ló ṣe ìkejì. Mo wo `ModDate` náà, ṣùgbọ́n mi ò gbé e lé nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ lásán tí wọ́n kọ sínú fáìlì ni déètì yẹn, aago kọ̀ǹpútà lè ṣì í, ẹni tó bá sì fẹ́ lè kọ èyí tó wù ú síbẹ̀. Ohun tí mo mú nínú gbogbo rẹ̀ kò ju pé, níwọ̀n bí ètò méjì ti ṣe fáìlì méjèèjì, ìyàngbò máa pọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sẹ́.

Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́sàn-án alẹ́

Ìgbìyànjú àkọ́kọ́ ni èyí tí ẹnikẹ́ni á kọ́kọ́ ṣe: fa ọ̀rọ̀ inú PDF jáde, kí o sì ní kí `diff` fi wọ́n wéra.

```
pdftotext -layout akoko.pdf a.txt
pdftotext -layout ekeji.pdf b.txt
diff a.txt b.txt | grep -c '^[<>]'
```

Ó dá 702 padà. Ìlà 702 ló ní ó yàtọ̀, nínú ìwé ojú mọ́kànlá. Bí a bá gba èyí gbọ́, a jẹ́ pé ìwé tuntun gbáà ni wọ́n kọ.

Bí PDF ṣe rí ló fa èyí. Kò sí ìpínrọ̀ nínú PDF, kò sì sí ìlà. Àṣẹ ló wà níbẹ̀: gbé lẹ́tà yìí sí ibí yìí, gbé ìyẹn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, sún sísàlẹ̀ díẹ̀. `pdftotext` ló ń wo ibi tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan wà, tó sì ń méfò pé àwọn wọ̀nyí ló para pọ̀ di ìlà kan. Nígbà tí mo gbé ojú ìwé kẹta méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, mo rí i pé lẹ́tà inú ìwé kejì fi díẹ̀ kéré sí ti àkọ́kọ́. Torí náà, ọ̀rọ̀ tó wà lórí ìlà kan ti gun ìdí ìlà tó ṣáájú rẹ̀. `diff` sì rèé, ìlà ló fi ń bá ìlà wí. Bí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo bá kúrò lórí ìlà kan lọ sí ìdí òmíràn, ìlà méjèèjì ti yàtọ̀ nìyẹn lójú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí lẹ́tà kan tó yí.

Mo kọ ọ̀rọ̀ nípa lẹ́tà kékeré yẹn sínú ìwé mi, torí ó yà mí lẹ́nu. Kí ló dé tí ẹni tó ń tún àdírẹ́sì ṣe á fi dín lẹ́tà gbogbo ìwé kù?

Ọjọ́ Ẹtì, aago mẹ́fà àárọ̀

Bí ìlà bá ń yẹ̀, ká má lo ìlà mọ́. Mo pinnu láti to ọ̀rọ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan sórí ìlà tirẹ̀. Ibikíbi tí ìlà bá wá ṣẹ́ sí nínú PDF, kò kàn án mọ́, bí ọ̀rọ̀ ṣe tẹ̀ léra ló kù.

Mo kọ́kọ́ lo `tr` láti fi ṣe é, ó sì dára ju ti àná lọ dáadáa. Síbẹ̀ ìyàngbò ṣì pọ̀ nínú rẹ̀, mo sì wo bíi ogún nínú wọn láti mọ irú ẹ̀yà tí wọ́n jẹ́. Ọ̀kan ni àlàfo tí kì í ṣẹ́, èyí tí èèyàn lè fi sí àárín ọ̀rọ̀ àti nọ́ńbà nínú Wọ́ọ̀dù kí wọ́n má bàa pínyà. Ojú rí i bí àlàfo lásán, ṣùgbọ́n `tr` kò mọ̀ ọ́n ní àlàfo, ó sì so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀ di ẹyọ kan. Òmíràn ni lẹ́tà `f` àti `i` tí ètò kejì so pọ̀ di àmì kan ṣoṣo. Bákan náà ni wọ́n rí lójú, ṣùgbọ́n àmì ọ̀tọ̀ ni wọ́n lójú kọ̀ǹpútà. Nọ́ńbà ìsàlẹ̀ ojú ìwé náà tún ń já sí àárín gbólóhùn, níbi tí ojú ìwé bá ti ṣẹ́.

Ìwé àṣẹ kékeré tí mo kọ láti sẹ́ wọn nìyí. Mo sọ ọ́ ní `oro.py`:

```
import re, subprocess, sys, unicodedata
t = subprocess.run(
    ["pdftotext", "-enc", "UTF-8", "-nopgbrk", sys.argv[1], "-"],
    capture_output=True, check=True).stdout.decode("utf-8")
t = unicodedata.normalize("NFKC", t).replace("\u00ad", "")
t = re.sub(r"^\s*Page \d+ of \d+\s*$", "", t, flags=re.M)
print("\n".join(t.split()))
```

Bí mo sì ṣe lò ó nìyí:

```
python3 oro.py akoko.pdf > a.txt
python3 oro.py ekeji.pdf > b.txt
diff -U4 a.txt b.txt > iyato.txt
grep -c '^@@' iyato.txt
```

Iye tó jáde jẹ́ 44. Láti ìlà 702, a ti bọ́ sí ibi 44, èyí tí èèyàn lè jókòó kà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ohun kan wà tó yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ lo àṣẹ yìí mọ̀. `NFKC` tó ń tú àmì tó so pọ̀ náà máa ń sọ àwọn àmì mìíràn di lásán pẹ̀lú. Nọ́ńbà kékeré tó wà lókè, bíi `²`, á di `2` gbágbáágbá. Bí ẹnì kan bá yọ `²` kúrò tó fi `2` sí i, asẹ́ mi á gbé e mì. Torí náà, mo tún wá gbogbo irú àmì bẹ́ẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ tí mi ò tíì sẹ́. Ìwé méjèèjì kò ní ìkankan. Mi ò sọ gbogbo lẹ́tà ńlá di kékeré, mi ò sì yọ kọ́mà àti àmì ìdánudúró. Nínú ìwé àdéhùn, ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà ńlá sábà máa ń jẹ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti fún ní ìtumọ̀ tirẹ̀ ní iwájú ìwé, kọ́mà kan sì lè yí ẹni tí ìdájọ́ bá padà. Asẹ́ tí ojú rẹ̀ bá ti tóbi jù, ọkà á bá ìyàngbò jáde.

Ọjọ́ Ẹtì, aago mọ́kànlá òwúrọ̀

Mo kúrò ní Bàrígà, mo gbé láptọ́ọ̀pù lọ bá Ẹ̀gbọ́n ní ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ló mọ iṣẹ́ tí ìwé náà ń sọ. Èmi mọ bí wọ́n ṣe ń wá ìyàtọ̀, mi ò mọ èyí tó lè dùn wọ́n nínú ìyàtọ̀.

Nínú ibi 44 náà, 28 jẹ́ nọ́ńbà abala tó sún síwájú: 6 di 7, 7.1 di 8.1, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ títí dé òpin. Márùn-ún jẹ́ ìtọ́ka inú ìwé tó sún bákan náà. Mo yà wọ́n sọ́tọ̀, màá padà sí wọn. Mọ́kànlá ló kù. Méjì nínú wọn jẹ́ àdírẹ́sì. Mẹ́ta jẹ́ àṣìṣe lẹ́tà tí wọ́n tún ṣe lóòótọ́, nítorí náà àwọn èèyàn náà kò pa irọ́ pátápátá. Méjì tún jẹ́ ìyàngbò tí asẹ́ kò mú: ọ̀rọ̀ alámì ìsopọ̀ bọ́ sí ìparí ìlà nínú ìwé kan, `pdftotext` sì rò pé ìlà ló ṣẹ́ ọ̀rọ̀ náà sí méjì, ó yọ àmì ìsopọ̀ dànù.

Mẹ́rin ló kù. Èyí àkọ́kọ́ wà ní abala 4.2, níbi tí wọ́n ti sọ ìgbà tí oníbàárà máa san owó tó kù:

```
 days
 of
-delivery
+acceptance
 of
 the
```

Ẹ̀gbọ́n fara balẹ̀ wò ó. “Ṣùgbọ́n mo ka ibẹ̀ yẹn! Ọgbọ̀n ọjọ́ ni, ọgbọ̀n ọjọ́ náà ló ṣì wà níbẹ̀.”

Lóòótọ́, iye ọjọ́ kò yí. Ohun tí ojú wọn ń wá ni nọ́ńbà, nọ́ńbà sì wà ní àyè rẹ̀. Ibi tí kíka ọjọ́ ti bẹ̀rẹ̀ ló yí. Tẹ́lẹ̀, bí ọkọ̀ bá ti já nóòtù sílẹ̀, tí wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé ìfijíṣẹ́, ọgbọ̀n ọjọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ní báyìí, ìgbà tí oníbàárà bá tẹ́wọ́ gba iṣẹ́ náà ni wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

Kí ni títẹ́wọ́ gbà á? Ìyàtọ̀ kejì ló dáhùn. Wọ́n fi gbólóhùn kan kún abala 1, níbi tí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ wà: pé títẹ́wọ́gbà ni kí oníbàárà kọ ọ́ sínú ìwé pé òun ti gbà á. Ìyàtọ̀ kẹta ni abala 6 tuntun látòkè délẹ̀, nípa bí oníbàárà ṣe máa yẹ nóòtù wò. Kò sí iye ọjọ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ to mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀: bí oníbàárà kò bá kọ ìwé, ọgbọ̀n ọjọ́ kò ní bẹ̀rẹ̀ láéláé, nóòtù sì ti wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ iléèwé.

Ibí yìí náà ni ọ̀rọ̀ lẹ́tà kékeré ti yé mi. Abala tuntun gùn tó ìdajì ojú ìwé. Bí wọn ò bá dín lẹ́tà kù, ìwé náà ì bá di ojú méjìlá, Ẹ̀gbọ́n ì bá sì ti fura láti ìbẹ̀rẹ̀. Mi ò lè búra pé torí ìyẹn ni wọ́n ṣe dín in kù. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ báyìí pé iye ojú ìwé tó dọ́gba kì í ṣe ẹ̀rí ohunkóhun.

Ọjọ́ Ẹtì, aago kan ọ̀sán: ojú ìwé tó dákẹ́

Ìyàtọ̀ kẹrin ni pé gbogbo ọ̀rọ̀ ojú ìwé 11 ti parẹ́ nínú ìwé kejì, gẹ́gẹ́ bí `diff` ṣe sọ. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣí ìwé náà, a sì rí ojú ìwé 11 gbọnrangandan. Àfikún ló wà níbẹ̀: irú nóòtù, iye ewé, bébà, iye owó.

```
pdffonts -f 11 -l 11 ekeji.pdf
pdfimages -list -f 11 -l 11 ekeji.pdf
```

Àṣẹ àkọ́kọ́ kò rí fọ́ǹtì kankan. Èkejì rí àwòrán ńlá kan. Wọ́n ti tẹ ojú ìwé yẹn jáde, wọ́n síkáànì rẹ̀, wọ́n sì fi àwòrán rẹ̀ pààrọ̀ ojú ìwé tó wà níbẹ̀. Kò sí lẹ́tà nínú rẹ̀ mọ́, àwòrán lẹ́tà ló wà níbẹ̀. Bí ìwé bá jẹ́ báyìí, àfiwé ọ̀rọ̀ kò lè sọ ohunkóhun nípa rẹ̀. Ewu tó tún tóbi ju èyí lọ ni kí wọ́n síkáànì ìwé méjèèjì: `diff` á dákẹ́ lórí ojú ìwé yẹn, èèyàn á sì rò pé kò sí ohun tó yí.

Mo yọ ojú ìwé náà jáde, mo ní kí `tesseract` kà á:

```
pdftoppm -r 300 -f 11 -l 11 -png ekeji.pdf oju
tesseract oju-11.png oju11
```

Ó ka ọ̀rọ̀ dáadáa. Nọ́ńbà ni kò ṣeé fọkàn tán. Àmì náírà di `N` níbì kan, ó di `#` níbòmíràn, òdo sì di lẹ́tà `O` lẹ́ẹ̀mejì. Nínú àfikún ìwé àdéhùn, nọ́ńbà ni gbogbo nǹkan. Torí náà mo pa ẹ̀rọ tì, a sì ṣe é bí àwọn tó ń yẹ ìwé wò ní Ṣómólú ṣe máa ń ṣe é kí iṣẹ́ tó gun ẹ̀rọ: ẹnì kan ń ka ti àkọ́kọ́ sókè, ẹnì kejì ń fi ìka tọ ti ìkejì. Ẹ̀gbọ́n ń kà, mo ń tọ̀ ọ́.

Nóòtù 12,000, bẹ́ẹ̀ ni. Ewé 40, bẹ́ẹ̀ ni. Ìwọ̀n A5, bẹ́ẹ̀ ni. Náírà 450 fún ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni. “Bébà funfun, gíráàmù 60.”

Mo dákẹ́. Gíráàmù 70 ló wà níwájú mi.

Ẹ̀gbọ́n kò nílò kọ̀ǹpútà láti mọ ohun tíyẹn túmọ̀ sí, ṣùgbọ́n a ṣírò rẹ̀. Gíráàmù tí àwọn onítẹ̀wé ń dárúkọ ni ìwọ̀n bébà tó fẹ̀ tó mítà kan níbùú lóròó. Ewé A5 32 ló wà nínú irú mítà bẹ́ẹ̀. Nóòtù 12,000 eléwé 40 jẹ́ ewé 480,000. Ẹ fi 32 pín in, mítà 15,000 ni. Ní gíráàmù 60, kílò 900 nìyẹn. Ní gíráàmù 70, ó di kílò 1,050. Kílò bébà 150 tí a kò tíì ka ti etí tí wọ́n máa gé dànù mọ́, owó kò sì fi kọ́bọ̀ kan lé sí i.

Ọjọ́ Ẹtì, aago mẹ́ta ọ̀sán: ohun tí kò yí tó sì yí

Mo padà sí àwọn nọ́ńbà tó sún. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ti fò wọ́n, torí ó yé wa ìdí tí wọ́n fi sún: abala 6 tuntun ló tì wọ́n. Ṣùgbọ́n ìwé àdéhùn máa ń tọ́ka sí ara rẹ̀. Bí abala bá sún tí ìtọ́ka kò sì sún tẹ̀ lé e, ìtọ́ka náà á máa nawọ́ sí ilé onílé. `diff` kò sì ní sọ̀rọ̀, torí ọ̀rọ̀ tí kò yí ni kò kàn án.

Mo kó gbogbo ìtọ́ka jáde nínú ìwé kọ̀ọ̀kan:

```
tr '\n' ' ' < a.txt | grep -oiE 'clauses? [0-9]+(\.[0-9]+)*'
tr '\n' ' ' < b.txt | grep -oiE 'clauses? [0-9]+(\.[0-9]+)*'
```

Ìwé àkọ́kọ́ ní ìtọ́ka mẹ́sàn-án. Mẹ́ta ń tọ́ka sí abala tó wà ṣáájú 6, wọn kò ní ìdí láti yí. Mẹ́fà tó kù yẹ kó fi ẹyọ kan lé sí i. Márùn-ún ti ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn tí mo yà sọ́tọ̀ láàárọ̀ nìyẹn. Ẹ̀kẹfà, tó wà ní abala 5.4, ṣì ń wí pé `clause 8.2`.

Abala 5.4 ni wọ́n ti sọ owó ìtanràn bí iṣẹ́ bá pẹ́: ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó iṣẹ́ lójoojúmọ́, kò sì gbọdọ̀ kọjá òṣùwọ̀n tó wà ní 8.2. Nínú ìwé àkọ́kọ́, 8.2 sọ pé ìtanràn kò ní ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Nínú ìwé kejì, òṣùwọ̀n yẹn ti di 9.2. Ohun tó jókòó sí 8.2 báyìí ni bí wọ́n ṣe máa dá fáìlì àwòrán ẹ̀yìn nóòtù padà fún oníbàárà. Kò sí òṣùwọ̀n kankan níbẹ̀.

Owó iṣẹ́ jẹ́ 5,400,000 náírà. Ìtanràn ọjọ́ kan jẹ́ 54,000. Tẹ́lẹ̀, bó pẹ́ títí, kò lè kọjá 540,000. Bí òṣùwọ̀n bá ti fò lọ, ọjọ́ 25 á di 1,350,000. Abala 5.4 rèé, kò sí kọ́mà kan tó yí nínú rẹ̀.

Èmi gbà pé àṣìṣe nìyí. Nínú Wọ́ọ̀dù, ìtọ́ka tí èèyàn bá fi irinṣẹ́ ìtọ́ka ṣe ṣeé sọ dọ̀tun tí nọ́ńbà bá sún, èyí tí èèyàn bá fọwọ́ tẹ̀ kò ní kúrò lójú kan. Ó dá mi lójú pé ọwọ́ ni wọ́n fi tẹ ẹ̀kẹfà yẹn. Mo sọ ọ́ fún Ẹ̀gbọ́n bẹ́ẹ̀, kí wọ́n má bàa fi ẹ̀sùn gbogbo rẹ̀ kan àwọn èèyàn náà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, òwúrọ̀

Ohun kan ṣì kù tí àfiwé ọ̀rọ̀ kò lè rí. Bí ẹnì kan bá fa ìlà gba orí ọ̀rọ̀ kan kọjá láti pa á rẹ́, ìlà yẹn jẹ́ àwòrán tó dúró lọ́tọ̀, ọ̀rọ̀ náà ṣì wà lábẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí wọ́n bá fi àpótí funfun bo nọ́ńbà kan. Mo dán an wò lórí ẹ̀dà kan: mo fi àpótí funfun bo iye owó, ojú kò rí i mọ́, `pdftotext` ṣì kà á bí ẹni pé kò sí nǹkan kan.

Mo sọ gbogbo ojú ìwé inú ìwé méjèèjì di àwòrán pẹ̀lú `pdftoppm` ní `-r 150`. Mo mọ̀ pé kò sí àǹfààní nínú kí n ní kí ẹ̀rọ fi àwòrán wé àwòrán níbí. `compare` àti `diff-pdf` dára gan-an nígbà tí ètò ojú ìwé bá dọ́gba, ṣùgbọ́n lẹ́tà ti kéré sí i nínú ìkejì, wọ́n á fi àmì pupa kun gbogbo ojú ìwé kanlẹ̀, bí ẹni pé gbogbo rẹ̀ ló yí. Torí náà mo fi ojú ara mi wò ó, ojú ìwé kan lẹ́yìn òmíràn, mo ń fi `ekeji.pdf` wé ọ̀rọ̀ tó wà nínú `b.txt`. Ìbéèrè mi kò ju ẹyọ kan lọ: ṣé ohun tí mo ń rí ni ohun tí kọ̀ǹpútà kà? Ó gbà mí ní wákàtí kan ààbọ̀. Mi ò rí ìlà tó pa ọ̀rọ̀ rẹ́, mi ò rí àpótí funfun.

Ní ọ̀sán, Ẹ̀gbọ́n kó ohun tí a rí lọ bá Àǹtí lọ́yà wọn ní Ìgbóṣeré. Mo tò ó sójú ìwé kan ṣoṣo: abala, ojú ìwé, ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ohun tó wà níbẹ̀ báyìí. Mi ò kọ ìtumọ̀ òfin kankan síbẹ̀, ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ mi. Àǹtí ní kí wọ́n fi lẹ́tà béèrè, kí wọ́n má bínú. Nípa 5.4, wọ́n ní adájọ́ lè rí i pé ìtọ́ka ló ṣìnà, ṣùgbọ́n kí ni èèyàn ń dúró dé ilé ẹjọ́ sí fún ohun tí a lè tún ṣe kí a tó fọwọ́ sí i.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Oníbàárà ti fèsì. Wọ́n tọrọ àforíjì lórí 5.4, wọ́n ní kò sẹ́ni tó rí i. Wọ́n dá bébà padà sí gíráàmù 60. Wọ́n kọ̀ láti yọ abala 6, wọ́n ní àwọn ti gba nóòtù tí gọ́ọ̀mù rẹ̀ ń tú rí, àwọn fẹ́ máa yẹ iṣẹ́ wò. Ẹ̀gbọ́n gbà pé ìyẹn ní ìdí. Àǹtí lọ́yà fi gbólóhùn kan kún un: bí ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún bá kọjá lẹ́yìn ìfijíṣẹ́ tí oníbàárà kò kọ ohunkóhun, a jẹ́ pé wọ́n ti tẹ́wọ́ gbà á.

Ìwé kẹta dé ní aago kan. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n mú un jáde tààrà látinú Wọ́ọ̀dù, láìsíkáànì ojú ìwé kankan, wọ́n sì ṣe bẹ́ẹ̀. Mo di èdìdì tirẹ̀ náà. Mo fi wé ìkejì, mo sì fi àfikún rẹ̀ wé ti ìwé àkọ́kọ́, torí kò sí ọ̀rọ̀ nínú àfikún ìkejì tí mo lè fi wé e. Àfikún dọ́gba pẹ̀lú ti àkọ́kọ́ ní ẹyọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Nínú ara ìwé, mo rí ìyàtọ̀ méjì: `8.2` tó di `9.2` ní abala 5.4, àti gbólóhùn ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún ní abala 6. Mo kó ìtọ́ka jáde lẹ́ẹ̀kan sí i, mo sì ṣí abala tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń nawọ́ sí láti kà á.

Ẹ̀gbọ́n fọwọ́ sí i ní aago mẹ́rin. Fáìlì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, `edidi.txt` àti ojú ìwé ìyàtọ̀ wà nínú fódà kan lórí láptọ́ọ̀pù mi, ẹ̀dà rẹ̀ wà nínú fìláàṣì lọ́dọ̀ Ẹ̀gbọ́n.